Ẹsẹ̀ Tí Wigati Bá Wí Níwájú Àwùjọ

Láti Ọjọ́bọ̀ ni ìyá ọkọ Wigati ti ń bínú sí i. Bí Wigati ṣe mọ̀ ni pé ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un.

Ní Ngasemrejo, abúlé kan tó fara ti òkè ní ilẹ̀ Jáfà, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ á bá ọ sọ ngoko. Ngoko ni èdè inú ilé, èdè ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, èdè àgbà sí ọmọdé, èdè tí wọ́n fi ń lé adìẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jù ọ́ lọ, tàbí ẹni tí o kò mọ̀ rí, krama ni wàá bá a sọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí kí o fi "ẹ" rọ́pò "o". Ìrẹsì á pa orúkọ dà. Oorun á pa orúkọ dà. Àní ẹsẹ̀ tí àgbàlagbà fi tẹ ìgbẹ́ adìẹ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ á gba oyè kó tó ọ̀sán. Ìyá ọkọ kì í bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ krama. Bó bá sọ ọ́, ẹ lọ kó ọmọ wọlé.

"Ẹ má ṣe ìyọnu, ìyá rere," ni Mbah Ngatirah, ìyá ọkọ náà, wí ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀hún, krama rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun. "Ẹsẹ̀ tèmi kò tó ohun tí ẹ̀yin ń fi ojú yín wò."

Ohun tó sì fà á kò ju ìbọ̀sẹ̀ kan lọ. Wigati ń fọ aṣọ ni, ó rí àbàwọ́n kan lórí ìbọ̀sẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, níbi àtàǹpàkò. Ó sọ ìbọ̀sẹ̀ náà sínú omi, ó tún yọ ọ́ jáde, ó tún un wò. Ó pẹ́ tí àìsàn ṣúgà ti wà lára Mbah Ngatirah. Ìgbà tó bá rántí ló ń lo oògùn rẹ̀. Tíì tó dùn bí oyin kò gbàgbé rí. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló sì ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, nínú ooru tó ń lé ajá lọ sínú gọ́tà. Wigati jẹ́ ọ̀kan lára àwọn obìnrin abúlé tó ń bá ilé ìwòsàn ṣiṣẹ́ ìlera. Ó mọ ohun tí irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ ń sọ. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n gé ẹsẹ̀ Pak Kariyo, aládùúgbò wọn, dé orúnkún, egbò kékeré tí òun fúnra rẹ̀ pè ní jíjẹ kòkòrò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá pé kí òun rí ẹsẹ̀ náà, ó sì fi krama tó dára jù lọ béèrè. Krama ni wọ́n fi dá a lóhùn. Prapto, ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pe ìyàwó rẹ̀ ní "ẹ̀yin", ojú ẹsẹ̀ ló rántí pé ẹrù kan ń dúró de òun ní Surabaya.

Ìrètí kan ṣoṣo ni ọjọ́ Sátidé. Dókítà Marolop láti ilé ìwòsàn ìjọba ń bọ̀ wá bá àwọn àgbà abúlé sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ẹsẹ̀ fún alárùn ṣúgà, yóò sì yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lẹ́yìn náà. Ọmọ Bàtákì ni dókítà náà, erékùṣù mìíràn ló ti wá, èdè Indonéṣíà tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń lò nìkan ló ń sọ. Àwọn àgbà Ngasemrejo gbọ́ Indonéṣíà bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ìròyìn rédíò láti ilé kejì: wọ́n á mọ̀ pé ẹnì kan kú, wọn ò ní mọ ẹni náà. Wigati ni wọ́n ní kó túmọ̀. Dókítà kì í sì í yára padà wá sí òkè yẹn. Bí Mbah Ngatirah kò bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òjò ọdún yìí á ti bẹ̀rẹ̀, á sì ti dá, kí dókítà tó tún dé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Wigati lọ bá Bu Tarwiyah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìlera, níbi tó ti ń din tempeh, oúnjẹ ẹ̀wà sóyà.

"Ngoko ni kí o sọ," ni Tarwiyah wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìgbà wo ni wọ́n gbọ́ nǹkan ní krama tí wọ́n ṣe é rí? Wọ́n á máa mi orí ni. Inggih, inggih. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á délé, wọ́n á bu ṣúgà sí tíì."

"Ó dáa. Jẹ́ ká ní ìwọ ni Pak Harjosuwito." Wigati na ìka sí i. "Ìwọ! Bọ́ bàtà rẹ, kí n rí ẹsẹ̀ rẹ!"

Tarwiyah rẹ́rìn-ín títí tempeh fi jóná. Pak Harjosuwito ni olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló kọ́ ìdajì abúlé náà ní ìwé, òun náà ló sì ń ṣọ́ ẹnu ìdajì tó kù. Bí ènìyàn bá ṣi krama sọ lójú rẹ̀, kì í bá a jà. Á kàn yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún. Àwọn kan wà tí wọ́n kó kúrò lábúlé nítorí gíláàsì yẹn.

"O rántí ọmọ ìlú ńlá tó wá sọ ngoko fún wọn?" ni Wigati béèrè.

Ta ni kò rántí? Ọmọbìnrin náà ní kí àwọn àgbà fara balẹ̀ gbọ́ òun, ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọ ọdún mẹ́rin sọ̀rọ̀. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ sílé, wọ́n sì fi páálí ìpápánu wọn sílẹ̀. Ní Ngasemrejo, ẹni tó bá fi páálí ìpápánu sílẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà ti dé egungun.

"Ìwọ náà ò rántí nọ́ọ̀sì tó sọ krama?" ni Tarwiyah dá a lóhùn.

Ìyẹn tún burú jù. Nọ́ọ̀sì náà fẹ́ bọ̀wọ̀ fún gbogbo ènìyàn, ọ̀wọ̀ náà pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi bu díẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjẹun tí wọ́n fi ń gbé àgbà ga ló lò fún oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ. Ó dà bí ẹni tó dìde níwájú àwọn ọba tó ní, "Èmi Kábíyèsí ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni." Gíláàsì Pak Harjosuwito kò gbẹ lọ́jọ́ náà. Oṣù kan gbáko ni abúlé fi sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀fọn ni nọ́ọ̀sì wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí. Àwọn ẹ̀fọn bímọ ní àlàáfíà.

"Krama ni, ṣùgbọ́n màá ṣọ́ra," ni Wigati wí.

"Kú ọ̀wọ̀ o," ni Tarwiyah wí, ó sì fún un ní tempeh tó jóná.

Nígbà tí Wigati padà délé ní ìrọ̀lẹ́, Mbah Ngatirah jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń bá adìẹ kan tí kò ní ìrù wí ní ngoko tó yè kooro.

"Ìwọ adìẹ yìí, ta ló rán ọ láti máa yọjú wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀? Ìrẹsì lásán, o ò tíì mọ̀ ọ́n sè kó má jóná mọ́ ìkòkò, o ti di dókítà! Kí ìrù rẹ kọ́kọ́ hù ná!"

Adìẹ náà wò yíká, bóyá ẹlòmíràn wà lẹ́yìn òun.

"Mbok," ni Wigati wí ní krama, bí ọmọ ṣe ń pe ìyá, "kí ni adìẹ náà ṣe yín?"

"Adìẹ ni mò ń bá wí, ìyá rere," ni ìyá dáhùn, òun náà ní krama. "Ẹ̀yin kọ́."

Wigati wọlé lọ. Bí wọ́n bá ń bá ewúrẹ́ wí, àgùntàn tó bá gbọ́n á fetí sílẹ̀, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó máa gba ẹjọ́ rẹ̀.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn abúlé kún. Àwọn ìyá wà lápá òsì, àwọn bàbá lápá ọ̀tún, páálí ìpápánu lórí itan kálukú. Pak Harjosuwito wà níwájú pẹ̀lú bàtà tó ń dán tí ènìyàn lè fi fá irùngbọ̀n. Mbah Ngatirah jókòó sí ìlà kejì, ìbọ̀sẹ̀ funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé tíì fún Dókítà Marolop, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì le.

"Ta ló po tíì yìí?"

"Àwa ni, Dókítà," ni Tarwiyah wí.

"Lórí àìsàn ṣúgà ni mo wá sọ̀rọ̀!"

"Ìdí nìyẹn tá a fi dín in kù fún yín."

Dókítà bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni, kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ní ìlú tiwọn, bí ilé bá ń jó, "Iná!" ni wọ́n ń ké, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè bí ará ilé ṣe sùn.

"Ẹ máa wo ẹsẹ̀ yín lójoojúmọ́," ni dókítà wí.

Wigati gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó tú u sí krama. "Bí kò bá ní ni yín lára, ẹ̀yin àgbà wa, tí àyè bá sì gbà yín, à ń tọrọ pé kí ẹ máa fi ojú àánú wo ẹsẹ̀ ọlọ́lá yín láràárọ̀."

"Inggih," ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn.

"Ṣúgà ń pa ẹsẹ̀ kú. Ìṣó lè wọ̀ ọ́, ẹ ò ní mọ̀."

Ní krama, orúkọ àìsàn náà pàápàá dùn. Ṣúgà fúnra rẹ̀ á di gendhis, wọ́n á wá sọ àìsàn bí ẹni ń sọ oyè. Bàbá kan tí wọ́n ti yẹ̀ wò rí tẹ̀ síwájú lórí àga, kí àwọn tí kò tíì jẹ oyè náà lè rí i.

"Bí ẹ bá fi í ṣeré, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yín dànù!"

Wigati tún gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. Níbo ni wọ́n ń gbé gígé ẹsẹ̀ gbà ní krama láìkan ẹni tó ni ín? Ó wá a, ó rí ọ̀nà kan. "Ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ ọlọ́lá náà tọrọ gáfárà láti ṣíwájú olówó rẹ̀ lọ."

"Inggih," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Dókítà sún mọ́ ọn. "Kí ló dé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín? Ṣé o sọ fún wọn pé wọ́n máa gé e?"

"Mo sọ fún wọn, Dókítà. Ó kàn wọ agbádá díẹ̀ ni."

"Sọ pé kí wọ́n bọ́ bàtà. Gbogbo wọn. Nísinsìnyí."

Wigati tú u. Ó bẹ̀bẹ̀, ó forí balẹ̀, ó fi òdòdó yí ọ̀rọ̀ náà ká. "Inggih!" ni wọ́n ké, ohùn wọn lọ sókè ju ti ìṣáájú lọ. Kò sí bàtà kan tó mira. Mbah Ngatirah fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn lábẹ́ àga, ó ṣí páálí rẹ̀, ó sì mú lemper kan, ìpápánu ìrẹsì, jáde, ó ń tú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Wigati wo ìbọ̀sẹ̀ funfun yẹn. Níbi àtàǹpàkò, àmì kékeré kan tún ti ń yọ, àwọ̀ rẹ̀ bí tíì. Ngoko kún un lẹ́nu: *Mbok, bọ́ ọ, kó tó pa ọ́!* Ó ti la ẹnu. Pak Harjosuwito gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì rẹ̀. Ní ìlà kẹta, ìyá kan ti ń wo ìpápánu rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí i pé ó dàbọ̀.

Wigati pa ẹnu dé. Nígbà náà ni adìẹ tí kò ní ìrù wá sí i lọ́kàn.

Ó bọ́ sálúbàtà ara rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí àga níwájú gbogbo ènìyàn: gìgísẹ̀ tó ti la bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dà èékánná tó ti ṣí ní ìdajì láti ìgbà ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ń fi ara rẹ̀ joyè ní èdè Jáfà. Nọ́ọ̀sì yẹn ti fi ojú rí i. Ohun tó bá jẹ́ ti ara ẹni, ẹ̀tọ́ ni kí a sọ ọ́ wálẹ̀.

"Ìwọ ẹsẹ̀ yìí!" ni Wigati ké ní ngoko, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gbé e dé oko. "Ìwọ ni mò ń bá wí, má wẹ̀yìn! Ẹ̀gún gún ọ, o dákẹ́. Òkúta wọ bàtà, ò ń bá a gbélé bí ayálégbé. Ké! Ìwọ ò lè ké mọ́, ṣúgà ti pa ọ́ lára kú, o sì ń ṣe bí ẹni tó ní sùúrù!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

"O gbọ́gbẹ́, wọ́n da kọfí lé ọ lórí bí oògùn. Ṣé àlejò ni egbò ni, tí wọ́n fi ń fún un ní kọfí? Wọ́n kì ọ́ bọ omi gbígbóná, o bó bí ọ̀dùnkún sísè, o ò mọ̀! Láti òní lọ, màá máa yẹ̀ ọ́ wò lójoojúmọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ, àárín ọmọ ìka rẹ. Bí ẹ̀yìn ò bá jẹ́ kí n tẹ̀ ba, màá fi dígí wò ọ́. O ò ní rìn láìwọ bàtà mọ́, àní nínú ilé. Ṣé o gbọ́?"

"Ó gbọ́!" ni àwọn ìyá ké láti apá òsì.

"Irọ́ ni, kò gbọ́! Ó ń fi ara pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀! Ìwọ olórí kunkun, ọjọ́ tí wọ́n bá gé ọ, ṣé o rò pé wọ́n máa pè ọ́ ní ọlọ́lá? Inú garawa ni wọ́n máa sọ ọ́ sí! Ta ló máa wá bá mi gun àtẹ̀gùn? Ta ló máa bá mi lé adìẹ?"

Àwọn bàbá ń fi aṣọ nu ojú, ẹ̀rín ni tàbí nǹkan mìíràn, wọn ò sọ. Dókítà Marolop fa Tarwiyah lápá.

"Kí ló ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ náà ni, Dókítà."

"Èmi ò pariwo tó bẹ́ẹ̀!"

Gbogbo ojú yí sí Pak Harjosuwito. Ó yọ gíláàsì rẹ̀. Ó wo gíláàsì náà lápá kan, ó wò ó lápá kejì, ó tún gbé e wọ̀ láìnù ún.

"Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló bá wí," ni bàbá náà wí. "Mi ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀."

Kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e nígbà tí ohùn kan jáde láti ìlà kejì, ní ngoko tó yè kooro.

"Ìwọ náà, jáde síta!"

Mbah Ngatirah ni. Ó ti gbé lemper rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ń fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. "Jáde, olè! Ò ń dójú tì mí níwájú ènìyàn. Ṣé o rò pé èmi ò mọ̀ pé o ti jẹrà? Jáde kí dókítà rí ọ!"

Bí ìsun omi ṣe máa ń ya nìyẹn. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀, ó ní ọ̀lẹ ni. Bàbá olóyè gendhis sọ fún tirẹ̀ pé àti kékeré ló ti ń ṣe é léṣe. Pak Kariyo, tó gbé ọ̀pá méjì wá, sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kù pé kó wo ohun tó dé bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbọ̀ngàn náà ń dún bí ọgbà pẹ́pẹ́yẹ, gbogbo àgbà Ngasemrejo ń bú ohun tí ìyá wọn fún wọn. Pak Harjosuwito bọ́ bàtà dídán rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ lu ihò tí ọmọ ìka mẹ́ta fi yọjú. Ó bá ìbọ̀sẹ̀ náà wí pẹ̀lú.

Dókítà kúnlẹ̀ síwájú Mbah Ngatirah. Egbò wà lábẹ́ àtàǹpàkò, ó jìn díẹ̀, kọfí kún inú rẹ̀. Ó fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ó ní kó sọ ibi tó bá ti mọ̀ ọ́n. Ìyá ń retí kó bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti tọ́ ọ tán.

"Kò tíì dé egungun," ni dókítà wí. "Ó gbọ́dọ̀ bá mi lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, ká fọ̀ ọ́, ká dì í, kó sì máa padà wá títí yóò fi jinná. Bó bá jẹ́ pé ó dúró di ìgbà tí mo máa tún wá..."

Ó dákẹ́. Wigati tú ìyókù fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, kò mọ bóyá ngoko ni wọ́n fi ń túmọ̀ ẹ̀ tàbí krama, ó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mbah Ngatirah gbọ́ ọ.

"Inggih," ni ó wí. Ó sì dìde lóòótọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni Wigati fi alùpùpù gbé e délé, báńdéèjì funfun yí i lẹ́sẹ̀ bí ọmọ tuntun. Wigati gbé e jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wọlé, ó dúró sídìí ààrò, ó ń retí kí wọ́n tún bọ̀wọ̀ fún òun.

"Nduk!" ni ohùn kan ké láti ìta, orúkọ tí ìyá fi ń pe ọmọbìnrin rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí òùngbẹ pa mí síbí ni? Àbí o ti di adití? Gbé tíì wá!"

Láti Ọjọ́bọ̀, kò sí èébú kankan tó dùn mọ́ Wigati tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ife sókè.

"Ṣúgà ńkọ́, Mbok?"

Adìẹ tí kò ní ìrù kọjá lójúde, ó ń fi ìṣọ́ra gbé ẹsẹ̀.

"Bi ẹsẹ̀ rẹ léèrè," ni Mbah Ngatirah wí.

Fóònù dún. Prapto ni, láti ojú ọ̀nà Surabaya, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ti ẹni tó fi ara pamọ́ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìyá mi ńkọ́? Èdè wo ló ń bá ọ sọ?"

"Ngoko ni."

"Ó bú ọ?"

"Ó bú mi dáadáa."

"Mò ń bọ̀ nílé," ni Prapto wí.